Ta Ló Ni Ilé Tí O Fi Ń Kí Wa Káàbọ̀?

Bí a bá pe àpéjọ kan láàrin àwa Yorùbá lónìí, ìbáà ṣe ìkómọ, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe ọjọ́ ìlú, ẹni tí a bá ní kí ó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ yóò dìde, yóò tún agbádá rẹ̀ ṣe, yóò sì wí pé: "Mo dúró lórí ìlànà tó ti wà nílẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀ láti kí gbogbo yín káàbọ̀ síbi ayẹyẹ pàtàkì yìí." Àwọn ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yóò sì máa bá a lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá yẹ gbólóhùn méjèèjì wò, ẹ kò ní rí àṣìṣe gírámà kankan nínú wọn. Yorùbá ni ọ̀rọ̀ inú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ìkíni Yorùbá kọ́ ni wọ́n. Èdè òyìnbó ni a rán ní aṣọ òfì. Ẹni tó sọ wọ́n kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ fún wa pé òun ń kí wa ni. Ohun méjèèjì yìí yàtọ̀ síra bí ẹni tó jẹun ṣe yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Káàbọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. "Kú" àti "àbọ̀" ni a pa pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti pa "kú" pọ̀ mọ́ "àárọ̀" tó fi di "káàárọ̀", tí a sì pa á pọ̀ mọ́ "ilé" tó fi di "kúulé". Inú "bọ̀" ni a ti rí "àbọ̀". Ẹni tó bọ̀ ni ẹni tó ti ibì kan dé. "Bọ̀" yìí náà ló wà nínú orúkọ Ìyábọ̀, tí a ń sọ ọmọbìnrin tí a bí lẹ́yìn tí ìyá àgbà ti kú, nítorí a gbà pé ìyá náà ló padà wá sílé. Nítorí náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni a ń kí káàbọ̀. Kò sí ìtumọ̀ mìíràn tí a lè fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í dá rìn. Bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Yóò ní, "Àgò onílé o." Àwọn ará ilé yóò ní, "Àgò yà." Yóò ní, "Ẹ kúulé o." Wọn yóò ní, "Ẹ káàbọ̀." Ẹ wo bí ó ti gún régé. Ẹni tó bá ní "ẹ kúulé" ti jẹ́wọ́ pé àlejò ni òun. Ẹni tó bá ní "ẹ káàbọ̀" ti jẹ́wọ́ pé òun ni onílé, tàbí pé onílé ló rán òun. Bí a bá gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu ẹnì kan láti ìta, a ti mọ ibi tó dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ń bi àwọn asọ̀rọ̀ òde òní léèrè pé: ta ló ni ilé tí o fi ń kí wa káàbọ̀? Ta ló rán ọ? Ta ni nínú wa ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?

Bí a bá ní kí ọ̀rọ̀ àkọ́sọ dára, ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Ẹni tí kò bá dáhùn wọn, ẹnu ni yóò fi ba iṣẹ́ tí a rán an jẹ́. Mo fẹ́ fi bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ hàn.

Ẹ mú ọjọ́ ìdána. Àwọn ará ilé ọkọ ló ń bọ̀ wá bá àwọn ará ilé ìyàwó. Àwọn tó sọ orúkọ fún àwọn alága méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Alága ìjókòó ni ti ilé ìyàwó, nítorí àwọn ará ilé rẹ̀ ti jókòó sílé wọn. Alága ìdúró ni ti ilé ọkọ, nítorí ẹni tó wá tọrọ kì í jókòó kí a tó ní kó jókòó. "Ẹ káàbọ̀" jẹ́ ti alága ìjókòó nìkan. "Ẹ kúulé" jẹ́ ti alága ìdúró nìkan. Ṣùgbọ́n lónìí, alága ìdúró yóò wọlé, yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò sì wí fún gbogbo ilé pé, "Mo kí gbogbo yín káàbọ̀." Ó ti sọ baba ìyàwó di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn tó wá tọrọ ọmọ ti di onílé kí wọ́n tó dọ̀bálẹ̀. Bí baba ìyàwó bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ má ṣe rò pé kò gbọ́.

Ẹ tún mú ọjọ́ ìlú. Ká ní Ọ̀ffà ni a wà, tí Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ jókòó, tí ọba ìlú mìíràn sì wá bá a ṣe é. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò dìde, yóò ní òun kí lọ́balọ́ba káàbọ̀. Ọba méjèèjì ni ó dà pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ló ni ìlú. Èkejì ló rìnrìn àjò. A kì í kí ọba káàbọ̀ síbi tí adé rẹ̀ ń ṣe àkóso, àyàfi tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ohun tó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ wólẹ̀ fún onílùú pé, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀," kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí a tó wá fi orúkọ rẹ̀ kí ọba tó jẹ́ àlejò káàbọ̀. Onílùú ló ń gba àlejò. Akọ̀wé kò gba ọba lálejò. Ẹnu ọba ni ó jẹ́.

Àṣìṣe kejì tó ń tẹ̀lé èyí ni ti àkókò. Ìwé ìpè ní aago mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di aago méjìlá. Àwọn arúgbó ti jókòó fún wákàtí méjì, oòrùn ti wọ inú àtíbàbà. Ẹni tó bá wá dìde tó ní "ẹ káàbọ̀" fún wọn, ibo ni ó wà láti àárọ̀? Ẹni tó ti jókòó, "ẹ kú ìjókòó" tàbí "ẹ kú ìkàlẹ̀" ni tirẹ̀. Ẹni tó dúró nítorí pé ìjókòó kò tó, "ẹ kú ìdúró" ni tirẹ̀. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, "ẹ kú ewu ọ̀nà" ni tirẹ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ lẹ́yìn ilé, "ẹ kú iṣẹ́" ni tirẹ̀. Èdè wa kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìkí. Àwa ni a pa gbogbo wọn pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni pé ìkíni gbọdọ̀ mọ ohun tí a wá ṣe. Bí a bá wá síbi ìgbéyàwó, "ẹ kú ìyàwó" ni a ó sọ, a ó sì gbàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní. Bí a bá wá síbi ọdún ìlú, "ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún" ni, àdúrà rẹ̀ sì ni àṣèyí-ṣàmọ́dún. Àwọn kan ti wá ń gbé àdúrà kejì yìí lọ síbi ìgbéyàwó. Wọ́n ní, "Àṣèyí-ṣàmọ́dún o!" Gbogbo ènìyàn ní, "Àmín." Ṣé wọ́n fẹ́ kí ọkọ gbé òmíràn níyàwó lámọ́dún ni, àbí wọ́n fẹ́ kí ìyàwó tún ilé ọkọ mìíràn wọ̀? Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo mọ bí a ti ń wó ilé ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti ń kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí a mú ìkómọ kan, kí a sì to ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ká ní ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni baba ọmọ, ọmọ Ọ̀ffà sì ni ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni a bí ọmọ, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e sì ni ìkómọ, nítorí Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a bí ọmọ mọ́ ọn. Ilé baba ọmọ ní Ọ̀mù-Àrán ni a wà. Baálé agbo ilé wà níbẹ̀. Àwọn àna ti Ọ̀ffà dé ní kùtùkùtù. Àbúrò baba ọmọ ni a yàn láti sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó gbọdọ̀ mọ̀ ni pé onílé ni òun, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni àgbà ilé. Nítorí náà, ó ní ẹ̀tọ́ sí "ẹ káàbọ̀", ṣùgbọ́n ó ní láti tọrọ ẹnu kí ó tó lò ó. Ohun kejì ni pé àwọn ará Ọ̀ffà nìkan ni àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ohun kẹta ni pé kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tẹ orúkọ náà sínú ìwé ètò. Iṣẹ́ tí a wá ṣe ni láti sọ orúkọ. Ẹni tó bá dá a nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baálé. Títí baálé yóò fi sọ ọ́ jáde, "ọmọ tuntun" tàbí "àlejò" ni à ń pè é. Bí ó bá ti mọ ìwọ̀nyí, ó lè sọ báyìí pé:

"Àgò o! Baálé wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ilé lọ́kùnrin lóbìnrin, mo túúbá. Ẹnu yín ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àna wa tó ti Ọ̀ffà wá, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Bí ẹ ti bá wa láyọ̀, ayọ̀ ni ẹ ó bá nílé. Ẹ̀yin aládùúgbò àti ọ̀rẹ́, ẹ kú ìjókòó. Bàbá ọmọ, ìyá ọmọ, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Àlejò wa tó pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí, káàbọ̀. Ilé rẹ nìyí, bá wa kalẹ́. Orúkọ àlejò yìí ni a wá gbọ́. Baálé, ọ̀rọ̀ di ọwọ́ yín."

Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ wò ó dáadáa. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ilé dákẹ́. Ó tọrọ ẹnu lọ́wọ́ àgbà, ó sì sọ ẹni tó rán an. Ó kí ẹni tó dé ní ìkíni ẹni tó dé, ó kí ẹni tó jókòó ní ìkíni ẹni tó jókòó, ó kí abiyamọ ní ìkíni abiyamọ. Ó sọ iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó sì gbé e lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú òun dùn, nítorí a kò pe é wá sọ bí inú rẹ̀ ti rí. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó kí wa dáadáa, kí a fetí sí àwọn ènìyàn. Bí ó ti ń kí, wọ́n á máa dá a lóhùn: àwọn àgbà á ní "Àgò yà", àwọn àna á ní "Ẹ kúulé o", ìyá ọmọ á ní "A dúpẹ́ o." Ìkíni tí a kò lè dáhùn àfi kí a pàtẹ́wọ́ sí i, ìkíni kọ́.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ọmọ ni ẹni tí "káàbọ̀" tọ́ sí jù lọ níbi ìkómọ. Gbogbo wa ló ti wà nílé ayé tẹ́lẹ̀. Òun nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ tí a sì ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn yìí, òun gan-an ni a kì í rántí láti fi kí. N kò rí àpẹẹrẹ tó fi bí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣáko lọ hàn ju èyí lọ.

Kí n tó kúrò lórí ìkómọ, mo ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn láti fi ìtàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọn a máa wí pé, "Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn baba ńlá wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ." Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó kọ ọ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì tó jẹ́ akọ àti abo. Ọjọ́ kẹjọ fún gbogbo ọmọ ló wọ́pọ̀ nísinsìnyí, kò sì burú. Ṣùgbọ́n kí a má fi irọ́ ṣí ẹnu lójú àwọn àgbà tó mọ̀.

Ó kù kí n dáhùn àwọn tí ọ̀rọ̀ mi kò bá lára mu. Àwọn kan ní àwọn ọlọ́lá pọ̀ ju kí a dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ìdí nìyí tí a fi ń dúró lórí ìlànà tó ti wà nílẹ̀. Mo gbà pé wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí a dárúkọ wọn? Ọgbọ́n tí Yorùbá ní ni kí a kí wọn ní ẹgbẹẹgbẹ́: lọ́balọ́ba, lóyèlóyè, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ìkíni bẹ́ẹ̀ kò ju ìmí méjì lọ, kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó ní òun dúró lórí ìlànà ti sọ fún wa pé ẹlòmíràn ti kí wa, nítorí náà òun kò ní kí wa mọ́. Ní ilé ta ni ọmọ ti lè wí bẹ́ẹ̀? Bí ẹ̀gbọ́n bá ti dọ̀bálẹ̀ fún baba láàárọ̀, ǹjẹ́ àbúrò lè kọjá lọ kí ó ní òun dúró lórí ìdọ̀bálẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun?

Àwọn mìíràn ní ìjúbà àti ìtúúbá kò bá ẹ̀sìn àwọn mu. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n júbà òrìṣà. Mùsùlùmí lè fi "Àsàlámù aláékúmù" ṣáájú, Kìrìsìtẹ́nì sì lè fi ọpẹ́ fún Olúwa ṣáájú. Ìwọ̀nyẹn náà ní ìdáhùn tiwọn, ara wọn sì le láàrin wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọn kò dí àyè ìkíni àwọn tó jókòó. Ẹni tó ti kí Ọlọ́run kò tíì kí àna rẹ̀.

Àwọn kẹta ní gbọ̀ngàn tí a háyà kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí onílé níbẹ̀. Èyí jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó ń ná owó ọjọ́ náà ni onílé. Bí a bá san owó fún atọ́kùn ètò láti bá wa darí rẹ̀, ojúṣe rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wí pé, "Ìdílé báyìí ló rán mi sí yín," kí ó tó kí ẹnikẹ́ni káàbọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alágbàṣe ti sọ ara rẹ̀ di olóko.

Àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nínú ìdánwò, a máa ń kọ ọ́ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Kọ ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ tí o ó sọ níbi ayẹyẹ kan." A kò sọ ilé ẹni tó wà, a kò sọ ẹni tó rán an, a kò sọ ẹni tó dé àti ẹni tó ti wà níbẹ̀. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò ṣe ju kí inú rẹ̀ dùn láti kí gbogbo ènìyàn káàbọ̀ lọ? Àwa ni a kọ́ ọ. Ní ọjọ́ iwájú, yóò kọ́ ogójì ọmọ nínú kíláàsì kan bẹ́ẹ̀, àwọn náà yóò sì di alága, akọ̀wé ẹgbẹ́ àti atọ́kùn ètò.

Nítorí náà, mo ń fẹ́ kí ẹ̀ka wa pa ìbéèrè yẹn tì. Kí a kọ ọ́ báyìí: "Àbúrò ọkọ ni ọ́, ilé ìyàwó ni ẹ wà, àwọn àgbà ibẹ̀ ti jókòó dè yín fún wákàtí kan. Kí ni gbólóhùn márùn-ún àkọ́kọ́ tí o ó sọ?" Kí a gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó bá ní "ẹ káàbọ̀", bí gírámà rẹ̀ tilẹ̀ gún. Kí a sì fi máàkì fún ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Àgò onílé o."